Kí la ó máa pe Kẹ́lì tí a dín kù?

Akọ̀wé, Kútọ̀: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ ìwé kékeré fún àwọn ọmọ Abẹ́òkúta tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìṣirò Kẹ́lì ló ń sọ ìdá tó yẹ kí ènìyàn fi ta tẹ́tẹ́ nínú owó rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ìlàjì iye tó sọ ta tẹ́tẹ́, kí la ó máa pè é? Mo kọ "Kẹ́lì aláàbọ̀".

Lafẹ́nwá: Aláàbọ̀ kẹ̀? Aláàbọ̀ ara ni yóò sọ sí ènìyàn lọ́kàn. Ẹ pè é ní "Kẹ́lì ojo". Ìṣirò ti sọ iye tó ń mú owó dàgbà jù, ẹnì kan wá ń dín in kù. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Ìtòkú: Lóòótọ́ ni pé òun ló ń mú owó dàgbà jù bó bá pẹ́. Ohun tí Kẹ́lì fi hàn lọ́dún 1956 nìyẹn, àmọ́ bí ìṣeéṣe tí ẹ fún un bá tọ̀nà ni o. Ẹ wò ó: ₦20,000 ni gbogbo owó tẹ́tẹ́ wa, ọ́ọ̀dù jẹ́ 2.50, ìyẹn ni pé bí a bá jẹ, náírà kan yóò mú èrè ₦1.50 wá. A rò pé ẹgbẹ́ wa yóò borí nígbà 46 nínú 100. Nínú ìṣirò yìí, f ni ìdá owó wa tí a ó fi ta tẹ́tẹ́, b ni èrè orí náírà kan, p ni ìṣeéṣe pé a ó jẹ, q sì ni ìṣeéṣe pé a ó pàdánù.

```
f = (bp - q) / b
(1.5 × 0.46 - 0.54) / 1.5 = 0.10
```

₦2,000 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ 46 fún wa? Orí ara wa la ti yọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé 43 ni òótọ́, 0.05 ni ìṣirò ì bá sọ, ₦1,000 péré. A ti ta ìlọ́po méjì ohun tó yẹ nìyẹn, owó ẹni tó bá sì ń ta ìlọ́po méjì Kẹ́lì kì í dàgbà: yóò kàn máa gòkè, yóò máa sọ̀ ni. Bó bá wá jẹ́ 40, kò yẹ ká ta kọ́bọ̀.

Ẹni tó ta ₦1,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Bí 46 bá tọ̀nà, ó ṣì ń rí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìdàgbàsókè náà. Bó bá jẹ́ 43, ibi tó yẹ gan-an ló wà. (Tẹ́tẹ́ tó bá sì dùn mọ́ wa jù, òun la sábà máa ń gbé ìṣeéṣe rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ.) Ojo kọ́ nìyẹn. "Kẹ́lì àdínkù" ni kí ẹ pè é, kí ìlàjì àti ìdámẹ́rin wà lábẹ́ rẹ̀.

Pánṣẹ́kẹ́: Lọ́tò lèmi máa ń fi owó sí ní tèmi. Bí mo bá pàdánù, mo máa ń fi ìlọ́po méjì lé e. Ṣé kí n yáa máa ta ìlàjì?

Ìtòkú: Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ onílọ́tò ni èrè wà. Ẹ fi í sínú ìṣirò yẹn, iye tó kéré sí òdo ni yóò mú jáde. Kò sí ìlàjì tó lè tún un ṣe, ẹ má ta á ni.

Lafẹ́nwá: Mo ti gba ti ojo. Ṣùgbọ́n "àdínkù" ń dún bí ẹ̀dínwó lọ́jà. "Kẹ́lì ìṣọ́ra" ńkọ́?

Akọ̀wé, Kútọ̀: Ìyẹn wù mí.

Ìtòkú: Ìṣọ́ra wo? Ẹni tó ta ìlàjì ń ṣọ́ra, ẹni tó ta ìdámẹ́rin náà ń ṣọ́ra. Báwo ni ọmọ tó ń ka ìwé yín yóò ṣe mọ iye tí yóò fi lélẹ̀?