"May not" nínú ìwé òfin: ṣé èèwọ̀ ni àbí bóyá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ẹ gbà mí. Mo ń túmọ̀ òfin iṣẹ́ kan sí Yorùbá, gbólóhùn kan sì dá mi dúró: "Staff may not work on Saturday."

Ó lè jẹ́ "Àwọn òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní Sátidé." Ó sì lè jẹ́ "Àwọn òṣìṣẹ́ lè má ṣiṣẹ́ ní Sátidé." Yorùbá ò jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní méjì-méjì bẹ́ẹ̀, mo ní láti mú ọ̀kan.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò "may" wò. Tí mo bá fi "might" síbẹ̀, èèwọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, bóyá ló kù. "Cannot" gbé èèwọ̀ dúró. "Could not" ní tirẹ̀ sábà máa ń gbé e lọ sí àtẹ̀yìnwá. Gbogbo èyí là mí lójú, àmọ́ kò sọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ohun tó tún dá kún iyèméjì mi ni gbólóhùn tó tẹ̀lé e: "The office may be closed." Ó jọ pé ti bóyá nìyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ jọ àṣẹ.

Ṣé àmì kan wà nínú gbólóhùn fúnra rẹ̀, bóyá lára olùwà tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe, tó ń fi hàn pé èèwọ̀ ni "may not"? Bí kò bá sí, èwo ni kí n ní kí òǹkọ̀wé fi rọ́pò rẹ̀: "must not" ni àbí "are not allowed to"?