Ìbéèrè “Èwo ni kì í ṣe òótọ́?”: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Àdìó

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù kí n ṣe ìdánwò JAMB nígbà tí a ṣe àṣedánwò lórí kọ̀ǹpútà níbi tí mo ti ń gba lẹ́sìn. Nínú 40 ìbéèrè Gọ́fúmẹ́ǹtì, 11 ni mo kùnà. Nígbà tí a wò wọ́n padà, a rí i pé 7 nínú wọn ni NOT tàbí EXCEPT wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ mo mọ ìdáhùn gbogbo wọn.

Ọ̀kan wà tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n béèrè èwo ni kì í ṣe òótọ́ nípa Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1963. A sọ pé Nàìjíríà di Rìpọ́blíkì. B sọ pé ará ìlú kọ́ ni ó dìbò yan Ààrẹ. C sọ pé a kò gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. D sọ pé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè. Bí mo ṣe rí A báyìí, inú mi dùn nítorí pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo tẹ A, mo tẹ N láti lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, n kò tilẹ̀ ka D rárá. Kì í ṣe pé ojú mi kò rí NOT, ṣùgbọ́n kí n tó ka A tán, ohun tí wọ́n bi mí ti fò lọ lọ́kàn mi. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ ń ṣe sí i?

Màmá Tóbi

Ẹ kú ìfaradà. Àwa náà ti rí ìbéèrè tí kì í ṣe òótọ́ rí o. Wọ́n ta ìbéèrè ìdánwò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ó fi gbogbo òru há a sórí, kò sì sí ẹyọ kan tí ó jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yé ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àdìó

Ẹ ṣé, mà. Ti èmi kì í ṣe ìbéèrè tí a rà, ọ̀nà tí wọ́n gbà béèrè ni mo ń sọ.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ìjọba

Mo ti ń ṣe àkójọ ìbéèrè fún ilé ẹ̀kọ́ girama fún ọdún 19, nítorí náà mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ Àdìó ti yọ̀. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi ni pé kí wọ́n má ṣe wá ìdáhùn rárá nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí irú ìbéèrè yìí. Kí wọ́n yí “èwo ni kì í ṣe òótọ́” sí “èwo ni irọ́”, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lórí pépà: Ò fún òótọ́, I fún irọ́. Nínú ìbéèrè Àdìó, ohun tí yóò wà lórí pépà ni Ò, Ò, Ò, I. Ẹyọ tí ó yàtọ̀ ni ìdáhùn.

Àǹfààní rẹ̀ wà níhìn-ín: bí ó bá jẹ́ I mẹ́ta àti Ò kan ni ó jáde, ó ṣeé ṣe kí NOT má sí nínú ìbéèrè náà rárá, ìwọ ni o fi kún un. Bí ó bá jẹ́ Ò méjì àti I méjì, a jẹ́ pé ọ̀kan wà nínú wọn tí o kò mọ̀ dáadáa, òun nìkan ni kí o sì tún rò.

Ẹ tún wo B. Ó ní “kọ́” nínú, síbẹ̀ òótọ́ ni, nítorí pé ará ìlú kò dìbò yan Ààrẹ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò rí “kọ́” nínú ìdáhùn, wọn yóò ní òun ni ó bá NOT tí ó wà nínú ìbéèrè mu, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́. Kí o gbé gbólóhùn náà kúrò lábẹ́ ìbéèrè, kí o kà á bí ẹni pé ẹnì kan ni ó sọ ọ́ fún ọ lójú ọ̀nà, kí o bi ara rẹ bóyá òótọ́ ni onítọ̀hún sọ, kí o tó padà sínú ìbéèrè.

Káyọ̀dé

Ọ̀nà tèmi kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti béèrè èyí tí kì í ṣe òótọ́, èyí tí ó bá ní “gbogbo” tàbí “nígbà gbogbo” nínú ni mo máa ń mú. Ó ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ìjọba

Káyọ̀dé, ó lè gbà ọ́, ó sì lè gbé ọ ṣubú. “Gbogbo ẹyẹ ni ó ń fò”: irọ́ ni, nítorí pé ògòǹgò kì í fò. “Gbogbo ẹyẹ ni ó ní ìyẹ́”: òótọ́ ni. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú ìbéèrè kan náà, èwo ni o máa mú?

Abíọ́lá, Lọ́ńdọ̀nù

Ìdánwò ìmọ̀ ìwakọ̀ ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni èmi fi rí tèmi. Ìbéèrè 50 ni, èèyàn gbọ́dọ̀ gba 43. Nígbà tí mo ń ṣe ìgbáradì nílé, wọ́n bi mí ìgbà tí n kò gbọdọ̀ fun fèrè ọkọ̀. Òfin wọn ni pé bí ọkọ̀ rẹ bá dúró sójú kan, o kò gbọdọ̀ fun ún, àfi bí ọkọ̀ mìíràn bá fẹ́ kọlù ọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo kọ́ ọkọ̀ wíwà ní Ìbàdàn, fèrè ni mo fi ń kí èèyàn! Mo mú èyí tí ó sọ pé kí n fun fèrè láti kìlọ̀ fún ẹni tí kò rí mi, nítorí pé òun ni ó dà bí ìwà rere. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí “kò gbọdọ̀”, mo máa ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ kí n tó ka ìdáhùn kankan.

Ìyá Olùkọ́ Èdè

Nínú iṣẹ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí pé NOT ní lẹ́tà mẹ́ta, wọ́n sì máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́, ṣùgbọ́n “kò” tiwa kò ju lẹ́tà méjì lọ. Mo rí ìbéèrè kan tí wọ́n tẹ̀ láìfi àmì sí i: “Ewo ni ko je faweli aranmupe?” Ìdáhùn tí ó wà níbẹ̀ ni an, in, un àti e. Nínú kíláàsì mi, ọ̀pọ̀ ni ó mú an, nítorí pé ojú wọn fo “ko” kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. E ni ìdáhùn, òun nìkan ni kì í ṣe àránmúpè. Láti ìgbà náà, “kì í ṣe” ni mo ń lò, mo sì ń fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Àdìó

Ẹ ṣé púpọ̀. Ṣùgbọ́n Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́ sà: 180 ìbéèrè ni JAMB, wákàtí méjì ni wọ́n fún wa, ó sì jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ń kọ Ò àti I fún gbogbo wọn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ mi.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ìjọba

Àwọn tí ó ní NOT tàbí EXCEPT nìkan ni kí o kọ ọ́ fún. Fún àwọn yòókù, o lè dúró síbi tí o bá ti rí òótọ́, àwọn tí ó ní NOT tàbí EXCEPT nìkan ni o gbọ́dọ̀ ka ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún. Lóòótọ́, ó ń gba àkókò. Òun ni èmi fi ń yẹra fún un nínú ìbéèrè tí mo ń ṣe, àfi bí ohun tí a fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ ohun tí èèyàn kò gbọdọ̀ ṣe, bí ti fèrè Abíọ́lá.

Ìyá Olùkọ́ Èdè

Èmi kò gbà pé kí a yẹra fún un, sà. Láti wá irọ́ mẹ́ta tí ó dára láti tẹ̀ lé òótọ́ kan nínú fónẹ́tíìkì, ó ṣòro. Òótọ́ mẹ́ta àti irọ́ kan ni ó rọrùn fún wa láti kọ.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ìjọba

Ó rọrùn fún wa láti kọ, mà. Àwọn ọmọ ni mo ń rò.