Affect àbí effect nínú rípọ́ọ̀tì pírójẹ́ẹ̀tì: ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó

Abẹ̀ní: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni mo máa ń kó rípọ́ọ̀tì pírójẹ́ẹ̀tì wa jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kálukú á kọ tiẹ̀ wá, èmi á wá tò ó pọ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n kan nínú tíìmù ló kọ èyí tó pọ̀ jù lọ́sẹ̀ yìí, affect àti effect sì ti dàpọ̀ mọ́ra níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò fa ìlà pupa sí ìkankan torí kò sí èyí tí sípẹ́lì ẹ̀ ò dáa nínú wọn. Ẹ wò ó:

```
1. Late delivery has effected our test schedule.
2. The affect on the launch date is small.
3. We effected the database change on Friday.
4. The rework lead to a two-day slip.
```

Èwo ni kí n yí, èwo ni kí n fi sílẹ̀? Ó gbọ́dọ̀ jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ṣẹ́gun: Èyí ò le rárá. Affect ni ọ̀rọ̀ ìṣe, effect ni ọ̀rọ̀ orúkọ, ó tán. Gbogbo effected tó o bá rí, fi Replace All sọ ọ́ di affected, kó o wá tún nọ́ḿbà 2 ṣe, o ti bọ́ nìyẹn.

Màmá Olótùú: Ṣẹ́gun, ti 1 àti 2 o gbà á, àmọ́ Abẹ̀ní jọ̀ọ́ má fọwọ́ kan Replace All yẹn, nọ́ḿbà 3 ló máa bà jẹ́, òun ló sì léwu jù nínú gbogbo ẹ̀. Effect náà máa ń ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe, ìyẹn ni pé kéèyàn mú nǹkan wáyé. We effected the change, a ti ṣe àyípadà yẹn, ó ti parí. We affected the change, nǹkan kan látọ̀dọ̀ wa ló ṣàkóbá fún un. Ọ̀gá tó bá ka èkejì á máa pè yín pé kí lẹ ṣe sí dátábéèsì.

Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ṣé nǹkan yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ètò ìdánwò ti wà kí ẹrù tó pẹ́ dé, ìpẹ́ yẹn wá kàn án, affected nìyẹn. Àyípadà dátábéèsì ò sí rárá kí wọ́n tó ṣe é, effected nìyẹn. Ti nọ́ḿbà 2, wo the tó wà níwájú ẹ̀, nínú rípọ́ọ̀tì iṣẹ́ effect ló máa ń tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn ọpọlọ tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń kọ flat affect sínú fáìlì o, fún ẹni tí ojú ẹ̀ ò fi ìbànújẹ́ tàbí ayọ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ orúkọ mà nìyẹn.

Màmá Olótùú: Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì wa, ìdí tí mo fi ní rípọ́ọ̀tì iṣẹ́ nìyẹn.

Dúró: Èmi ò tiẹ̀ kí ń da ara mi láàmú, impact ni mo máa ń kọ síbi gbogbo, ó ń ṣe ìṣe ó ń ṣe orúkọ.

Màmá Olótùú: Ó lè gbà ní 1 àti 2 lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá kan kórìíra impacted. Ní 3, kò lè gbà láéláé.

Abẹ̀ní: Ẹ ṣé gan-an mà. Nọ́ḿbà 4 ńkọ́?

Màmá Olótùú: Led ni, torí ó ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Read ló ń tan àwọn èèyàn, torí sípẹ́lì kan náà ni wọ́n fi ń kọ ti òní àti ti àná, wọ́n wá rò pé lead náà rí bẹ́ẹ̀. Lead tí wọ́n ń pè bíi led, irin òjé ni. Àmọ́ nọ́ḿbà 3 yẹn, bi ẹni tó kọ ọ́ kó o tó fi ránṣẹ́, ìwọ àtèmi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ṣẹ́gun: Mo ti gbọ́ ti effected, mi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ èmi, màá kàn tún un ṣe ní jẹ́ẹ́jẹ́ ni, kí la ń bi ẹ̀gbọ́n sí?

Dúró: Ṣẹ́gun, tó bá wá rí i pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ òun padà ńkọ́? Kó fi Track Changes ṣe é kó sì fi hàn án.

Abẹ̀ní: Mo ti pe ẹ̀gbọ́n o. Wọ́n ní orí sáfà ìdánwò nìkan ni àwọn ti ṣe àyípadà yẹn lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò tíì ṣe é lórí èyí tí àwọn oníbàárà ń lò! Torí náà effected gan-an á jẹ́ kí àwọn ọ̀gá rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí. Ohun tí mo kọ nìyí:

```
3. On Friday we made the database change on the
   test server only. Production is still pending.
```

Ti Track Changes yẹn, mi ò tíì mọ̀ bóyá kí n lò ó, torí ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ kí tíìmù rí àtúnṣe lára iṣẹ́ wọn. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ tiyín?