Ta ló ń jẹ dátà máìfáì wa lóru?

Ìyá Ìbejì, Kàbbà:
Òkun o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Máìfáì kan ni gbogbo wa ń lò nílé, 25GB la máa ń rà lóṣù, ọ̀sẹ̀ kejì ò sì ní tí ì parí tí yóò fi tán. Fóònù mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀, láptọ́ọ̀pù ọmọ mi tó wà ní pólì àti tẹlifíṣàn pálọ̀. Lálẹ́ àná mo wo iye tá a ti lò lójú ìwé máìfáì, 9.1GB ni, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ó ti di 12.4GB, bẹ́ẹ̀ gbogbo wa la sùn. Ọmọ ní òun ò fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù, ó kàn wà lórí iná ni. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó ń jẹ ẹ́?

Ọmọ Mọ̀pà:
Mà, ẹ tan Data Saver sórí àwọn fóònù yẹn, ó tán. Tèmi ti wà lórí ẹ̀ tipẹ́.

Bàbá Bọ̀dé:
Tèmi náà ń sá lọ o, fóònù kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò ní máìfáì rárá. Àwọn tó ń tà á ló ń jí i, ẹ má da ara yín láàmú.

Tísà Ìsánlú:
Bàbá Bọ̀dé, tiyín yàtọ̀ sà, ẹ wo inú fóònù yín níbi tó ti ń ka dátà áàpù kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó mú ẹnikẹ́ni lólè.

Ọmọ Mọ̀pà, ohun tó o sọ dáa tó bá jẹ́ síìmù inú fóònù ni. Tó bá ti wà lórí Wáìfáì, Data Saver ò ní dí nǹkan kan lọ́wọ́, àfi tẹ́ ẹ bá wọ Wáìfáì yẹn nínú Settings kẹ́ ẹ sì yan "Treat as metered". Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Fóònù àti láptọ́ọ̀pù ò mọ̀ pé síìmù ló wà nínú máìfáì, Wáìfáì ni wọ́n rí, wọ́n sì gbà pé Wáìfáì kì í tán. Gbogbo ohun tí wọ́n ti tò sílẹ̀ pé ó di "Over Wi-Fi only", àpdéètì áàpù, fọ́tò tó ń lọ sórí Google Photos, ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa fà á.

Ìyá Ìbejì, láptọ́ọ̀pù ni mo fura sí. Tó bá jẹ́ Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Advanced network settings, Data usage. Ẹ óò rí iye tí áàpù kọ̀ọ̀kan ti jẹ.

Adé Kọ̀ǹpútà:
Kí ọmọ yẹn kàn wọ services.msc kó pa Windows Update, kò sí àpdéètì mọ́ láéláé.

Tísà Ìsánlú:
Ó máa ń padà tan ara ẹ̀ o, tó bá sì kú pátápátá láptọ́ọ̀pù yẹn ò ní rí àtúnṣe tó ń dí ọ̀nà mọ́ fáírọ́ọ̀sì. Metered connection sàn jù. Wíńdòsì á dúró, á máa fi bọ́tìnì Download hàn yín, ẹ óò tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ní dátà òru. Àwọn kéékèèké tó ṣe pàtàkì ṣì lè wọlé, ìyẹn ò tó nǹkan.

Ìyá Ìbejì, Kàbbà:
Ẹ ṣé gan-an, Tísà. A ti wò ó. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, "System" nìkan ti jẹ 14.6GB! Chrome tí mo ń bá ọmọ jà sí, 1.9GB péré. A tan Metered connection sórí Wáìfáì yẹn, lánàá kí n tó sùn 13.0GB ni, lónìí 13.4GB. Ṣé ohun tó kù yìí ò burú?

Tísà Ìsánlú:
Àpdéètì ló sábà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ "System" yẹn. Ẹ tún wo Delivery Optimization nínú Windows Update, kẹ́ ẹ pa Allow downloads from other PCs, torí ó lè máa fi dátà yín ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì.

Ní ti 0.4GB, ẹ fi ohun kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí máìfáì lóru kan, ẹ yọ ìyókù, kẹ́ ẹ ka iye lálẹ́ àti láàárọ̀. Lóru ọjọ́ kejì, ẹ fi òmíì síbẹ̀. Wákàtí kan ò tó, àpdéètì kì í wá nígbà tá a bá ń ṣọ́ ọ.

Ọmọ Mọ̀pà:
Ṣé kò ní dáa kí wọ́n dínà fún èyí tó ń jẹ dátà lórí máìfáì fúnra ẹ̀? 192.168.8.1 ni mo fi ń ṣí ojú ìwé máìfáì tèmi, mo dínà fún fóònù àbúrò mi níbẹ̀ ó tún wọlé.

Tísà Ìsánlú:
Ó jọ pé nọ́ḿbà MAC inú About phone lo fi dínà. Fóònù tuntun máa ń lo òmíì lórí Wáìfáì, èyí tó hàn lójú ìwé máìfáì ni kó o mú. Tó bá lọ pa Use randomized MAC, á tún yí padà.

Ìyá Ìbejì, Kàbbà:
Tẹlifíṣàn ni mo máa fi sílẹ̀ lálẹ́ òní. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń pa àpdéètì nínú ẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ kó bá mi sọ o.