Ìrírí wa: Ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì pẹ̀lú máàpù àti ìrìn yíká ọgbà ilé-ẹ̀kọ́

Olùkọ́ kan, Ìyàrà
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kìíní àgbà girama ni mo ń kọ́ ní jọ́gíráfì, mo sì fẹ́ gbọ́ ìrírí ẹni tó bá ti mú àwọn ọmọ rìn yíká ọgbà pẹ̀lú máàpù lọ́wọ́. Máàpù ìjọba tí a ní jẹ́ ti 1:50,000. Sẹ̀ǹtímítà méjì orí rẹ̀ ni kìlómítà kan nílẹ̀, nítorí náà ọgbà wa tó gùn tó 200 mítà kò ju mílímítà mẹ́rin lọ lórí ìwé. Ó dára fún wíwo òkè àti odò tó yí ìlú ká, ṣùgbọ́n ọmọ kò lè rí kànga ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Èrò mi ni pé kí àwọn ọmọ fúnra wọn ya máàpù ọgbà ní 1:1,000, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà 10. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ṣe tiyín?

Olùkọ́ obìnrin, Ìsánlú
Okun o, olùkọ́ wa. Ìṣísẹ̀ ni àwa fi wọn tiwa, nítorí a kò ní okùn ìwọnlẹ̀ tó gùn. Kọ́kọ́ wọn mítà 50 sórí pápá ìṣeré, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rìn ín ní àlọ àti àbọ̀ bó ṣe máa ń rìn lójoojúmọ́, kí ó sì ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi gbé ìṣísẹ̀ 80 fún mítà 50 náà, èyí tó túmọ̀ sí pé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 62 àti ààbọ̀. Nígbà tó rìn láti ẹnu ọ̀nà dé gbọ̀ngàn, ó ka 144, ìyẹn mítà 90, ó sì fa ìlà sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án sórí ìwé.

Ibi tí iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn kíláàsì. Ọmọ tó ń gun òkè máa ń gé ìṣísẹ̀ rẹ̀ kúrú láìmọ̀, iye tó kà á sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ó mọ̀ nígbà tí wọ́n bá ya ìrìn wọn yíká ọgbà tán, tí ìlà ìkẹyìn kò sì padà bá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Bí àlàfo náà bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, a máa ń padà lọ tún ẹ̀gbẹ́ tó gun òkè kà.

Olùkọ́ kan, Kàbà
Ẹ má gbàgbé àríwá. Ó rọrùn: ẹ ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀, bí aago bá lu méjìlá ọ̀sán, ibi tí òjìji rẹ̀ kọjú sí ni àríwá, nítorí pé àríwá ìlà agbedeméjì ayé ni gbogbo ilẹ̀ wa wà.

Olùkọ́ kan, Ògìdì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, oṣù wo ni ẹ ṣe é? Ní oṣù kẹfà tí àwa ṣe tiwa, òjìji ọ̀pá wa kọjú sí òkè tí máàpù ìjọba fi hàn pé ó wà ní gúúsù wa. Ọmọkùnrin kan ló kọ́kọ́ rí i, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá máàpù ni ó parọ́ ni tàbí oòrùn.

Olùkọ́ kan, Kàbà
Mi ò gbà. Oṣù kejìlá ni mo ṣe tèmi, àríwá gan-an ló kọjú sí.

Bàbá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Mọ́pà
Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì rí ni òtítọ́. Kàbà àti àyíká rẹ̀ wà ní nǹkan bíi dígíírì mẹ́jọ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Oòrùn máa ń dúró gan-an sí orí wa lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Láàárín àkókò méjèèjì yẹn, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán wà, gúúsù sì ni òjìji ń kọjú sí. Ní ìparí oṣù kẹfà, ọ̀pá mítà kan yóò ju òjìji sẹ̀ǹtímítà 28 sí gúúsù. Ní ìparí oṣù kejìlá, yóò ju 61 sí àríwá.

Aago méjìlá náà kì í sì í ṣe ọ̀sán gangan ní ọ̀dọ̀ wa. Ìlà dígíírì 15 sí ìlà-oòrùn ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé, dígíírì mẹ́fà sì ni àwa wà. Ìyàtọ̀ mẹ́sàn-án ni, ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà nǹkan bíi 12:36 ni oòrùn wa ń dé góńgó. Ó ń yí díẹ̀ láàárín ọdún: ní oṣù kejì ó sún mọ́ 12:50, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ó sún mọ́ 12:20.

Ọ̀nà tí kò nílò aago ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ. Sàmì sí ṣóńṣó òjìji ọ̀pá kí ọ̀sán tó pọ́n, kí o so okùn mọ́ ìdí ọ̀pá, kí o fi í fa òbìrí tó gba orí àmì náà kọjá. Lẹ́yìn ọ̀sán, dúró títí ṣóńṣó òjìji yóò fi tún kan òbìrí náà, kí o sàmì síbẹ̀. Ìlà tó so àmì méjèèjì pọ̀ lọ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, àmì àkọ́kọ́ sì ni ó wà ní ìwọ̀-oòrùn. Èyí ń ṣiṣẹ́ ní oṣù èyíkéyìí.

Òǹkàwé kan, Bùnú
Ṣé ilé-ẹjọ́ yóò gba irú máàpù oníṣísẹ̀ yìí? Ọ̀rọ̀ ààlà ló wà láàárín ẹbí wa àti aládùúgbò wa.

Olùkọ́ obìnrin, Ìsánlú
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ pe sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Ìṣísẹ̀ ọmọ kò tó láti fi dá ààlà.

Olùkọ́ ọ̀dọ́, Ẹ̀gbẹ̀
Kí ló dé tí a kò fi lo kọ́ńpáàsì inú fóònù? Tèmi ń yí kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíláàsì wa, ẹnìkan sì sọ pé irin abẹ́ ilẹ̀ Ìtakpè ló ń fà á.

Bàbá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Mọ́pà
Ọmọ mi, Ìtakpè jìnnà sí Ẹ̀gbẹ̀. Páánù òrùlé, irin fèrèsé àti òpó bọ́ọ̀lù ló sún mọ́ ọ. Rìn lọ sí àárín pápá kí o tún un wò.

Olùkọ́ kan, Kàbà
Mo ti gbọ́ ti oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa, ìlà-oòrùn ló sì kọjú sí. Ṣé ìyẹn kò tó láti fi dá máàpù dúró?

Olùkọ́ kan, Ògìdì
Mẹ́kà ni mọ́ṣáláṣí ń kọjú sí, ẹ̀gbọ́n. Láti ọ̀dọ̀ wa, Mẹ́kà yà kúrò ní ìlà-oòrùn sí apá àríwá ní nǹkan bíi dígíírì 26. Bí ẹ bá fi ṣe ìlà-oòrùn, gbogbo máàpù yín ni yóò yí.

Olùkọ́ kan, Kàbà
Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, ìlà-oòrùn gan-an ni wọ́n sọ pé àwọn àgbà kọ ọ́ sí. N ó fi ọ̀nà okùn wò ó.

Olùkọ́ kan, Ìyàrà
Mo dúpẹ́ gidigidi. Ohun kan ṣì ń dà mí láàmú. Aago méjì la ń jáde. Bí mo bá sàmì ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, òjìji kò ní padà kan òbìrí títí di nǹkan bíi 2:42.

Bàbá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Mọ́pà
Sàmì rẹ ní 11:30, yóò padà kàn án ní nǹkan bíi 1:42. Lo ọ̀pá mítà méjì kí òjìji má baà kúrú jù, kí o sì rán ọmọ méjì péré jáde láti ṣọ́ ọ, kí ẹ̀kọ́ àwọn yòókù má dúró. Sàmì sí òjìji ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárọ̀, kí o fa òbìrí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìkùukùu lè bo oòrùn nígbà tí òjìji bá ń padà kan ọ̀kan.

Olùkọ́ kan, Ìyàrà
A jẹ́ pé sáà kejì ni n ó ṣe é, nígbà tí òjò kò sí.

Olùkọ́ obìnrin, Ìsánlú
Ẹ dákun, ẹ rò ó wò. Ohun tó dára jù tí àwọn ọmọ mi ya sórí máàpù ni ọ̀gbàrá tí omi òrùlé gbẹ́ láti ẹ̀yìn kíláàsì lọ sí ojú ọ̀nà, wọ́n sì rí i pé ibi tí ọ̀gbàrá ti jìn jù ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń ba ìṣísẹ̀ wọn jẹ́. Nígbà ẹ̀rùn, iyanrìn àti ewé gbígbẹ ti dí i.

Olùkọ́ kan, Ògìdì
Ẹ pín in. Àríwá ní sáà kejì, ọ̀gbàrá ní sáà kẹta, lórí ìwé kan náà.

Olùkọ́ obìnrin, Ìsánlú
Bí ìwé náà kò bá sọnù láàárín sáà méjèèjì. Èmi yóò ṣì ṣe tèmi lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń lọ sílé, tí oòrùn sì ti ń yọjú.