Ẹ̀kọ mi kọ̀, kò tutù nínú ìṣirò, ẹ gbà mí o

Dámi, Lágere: Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè tí wọ́n fún wa rèé: ẹ̀kọ gbígbóná wà ní 90°C, inú yàrá jẹ́ 30°C, nígbà tó fi máa tó ìṣẹ́jú 10 ó ti di 60°C, ìgbà wo ló máa di 40°C? Mo kọ dT/dt = -k(T - 30), mo kó T sápá kan, mo kó t sápá kejì, mo íńtígíréètì, ó di ln(T - 30) = -kt, mo wá kọ T - 30 = e^(-kt) + C. Mo fi t = 0 sí i, C di 59. Àmọ́ kí n wá k báyìí, Math ERROR ni kalukulétọ̀ ń gbé jáde. Àbí ó ti bàjẹ́ ni?

Ìyá Tóbi: Ṣebí kóo dà á sínú abọ́ tó fẹ̀ ni, kóo tan fáànù sí i. Tèmi kì í pẹ́ tutù.

Káyọ̀dé: Kalukulétọ̀ ò ṣe nǹkan kan jàre. A kì í ro C mọ́ ọn níbẹ̀ yẹn, ṣe la máa fi sọ ọ́ di púpọ̀. T - 30 = 90e^(-kt), torí 90 ló ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà Iléṣà: Káyọ̀dé, o gba ìdajì. Fi t = 0 sínú tìẹ wò, T á di 120, ẹ̀kọ 90 ni wọ́n sì gbé kalẹ̀. Ohun tó ń dín kù ni àlàfo àárín ẹ̀kọ àti yàrá, 60 sì ni. Dámi, tìẹ ń sọ pé T = 89 + e^(-kt), kò lè sọ̀kalẹ̀ kọjá 89 láéláé, báwo ló ṣe máa wá di 60? Ó ń bèèrè kí e^(-10k) jẹ́ -29, lọ́ọ̀gì -29 yẹn ni kalukulétọ̀ kọ̀. Gbàrà tóo bá íńtígíréètì ni kóo ti kọ C, ln(T - 30) = -kt + C, kóo tó yọ lọ́ọ̀gì. T - 30 = 60e^(-kt) nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú 10, 30 = 60e^(-10k), k = ln2/10, bíi 0.0693. Fún 40°C, 10 = 60e^(-kt), t = ln6/k, bí ìṣẹ́jú 25.85. Tóo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jóòótọ́, àlàfo yẹn ń di ìdajì ní ìṣẹ́jú 10-10: 60, 30, 15, 7.5. Àárín 15 àti 7.5 ni 10 wà, ìdáhùn gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Dámi: Háà, ẹ ṣé gan-an sà! Omi fíríìjì 5°C wá ńkọ́, T - 30 á di -25, ṣé lọ́ọ̀gì ò ní tún kọ̀?

Tíṣà Iléṣà: ln|T - 30| ló yẹ ká máa kọ látìbẹ̀rẹ̀. T = 30 - 25e^(-kt) lo máa rí, omi á máa gbóná lọ sí 30.

Ìyá Tóbi: Ẹ ò dá mi lóhùn lórí fáànù.

Tíṣà Iléṣà: Ẹ má bínú mà. Fáànù máa ń jẹ́ kí k tóbi sí i. Tẹ́ ẹ bá tàn án láàárín méjì, ìṣirò méjì nìyẹn, ibi tí T wà nígbà tẹ́ ẹ tàn án ni ìkejì máa ti bẹ̀rẹ̀.

Káyọ̀dé: Tó bá wá jẹ́ inú kúlà ńkọ́, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ náà ń gbóná, 30 ò dúró ní 30 mọ́, ṣé T ṣì máa gbà kéèyàn kó o sápá kan?

Tíṣà Iléṣà: Rárá o, ọ̀nà yìí ò gbé ìyẹn. Ẹ jẹ́ n ti kíláàsì dé ná.