Ìtò ọwọ́ àti ìtò ojú: OLUMO inú páálí márùn-ún

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, wọ́n ní kí ọmọ mi kọ O, L, U, M, O sórí páálí márùn-ún, kó dojú wọn dé, kó dà wọ́n pọ̀, kó wá máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ni pròbábílítì pé OLUMO ló máa jáde. Ó kọ 1/120, wọ́n fa pupa sí i, wọ́n ní 1/60 ni. Kí ló fà á? Kí ni mo sì máa pe pròbábílítì àti pẹmutéṣọ̀n yìí fún un ní Yorùbá?

Bàbá Tísà: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ọmọ yẹn mọ ìṣirò o, ibi tó ti ṣìnà ò ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ẹ jẹ́ ká fi OLUMO sílẹ̀ ná, torí ó pọ̀ jù láti tò tán lórí tábìlì. Ẹ gé páálí mẹ́ta, ẹ kọ ọ, m, ọ sí wọn, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi bírò pupa kọ ọ kan kẹ́ ẹ sì fi dúdú kọ èkejì. Páálí mẹ́ta ló lè wà níwájú, méjì tó kù ló lè tẹ̀lé e, ẹyọ kan á wá parí rẹ̀, 3 × 2 × 1, mẹ́fà nìyẹn. Ẹ tò ó kẹ́ ẹ rí i, mẹ́fà ló máa pé. Ó wá ku ẹni tí ojú rẹ̀ ò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú, ẹ ní kó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún yín: á ka ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, á ka ọọm lẹ́ẹ̀mejì, á ka mọọ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní rí ju mẹ́ta lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta àdìrẹ, ẹ̀ ẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ká ní Táíwò àti Kẹ́hìndé wọ àdìrẹ kan náà, ojú wọn ò yàtọ̀, wọ́n wá jókòó ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn èèyàn mẹ́ta míì, tí wọ́n bá dìde tí wọ́n pààrọ̀ àga síra wọn, ìdí ti kúrò lórí àga lóòótọ́ o, àmọ́ fọ́tò ò yí padà. Bí ọ̀rọ̀ O méjì inú OLUMO ṣe rí nìyẹn. Páálí márùn-ún, 5 × 4 × 3 × 2 × 1 = 120, iye ọ̀nà tí ọwọ́ lè gbà tò ó nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ló ń lọ ní méjì-méjì, torí bẹ́ ẹ bá pààrọ̀ O méjèèjì níbikíbi tí wọ́n bá wà, ẹ máa ní ìtò míì tó jọ ti àkọ́kọ́ pátápátá. 120 tí a pín sí méjì-méjì, 60 lójú máa rí.

Ohun tí mo fẹ́ ká gbà níbí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tuntun nìyí: èyí tó jẹ́ 120 ká máa pè é ní ìtò ọwọ́, èyí tó jẹ́ 60 ká máa pè é ní ìtò ojú. Torí tí a bá sọ pé "ìtò" lásán, ọmọ á ṣe ohun tí ọmọ yín ṣe gan-an: ojú ló fi ka OLUMO tó ń wá, ó ní ẹyọ kan ni, ó wá gbé e lé orí 120 tó jẹ́ ti ọwọ́. Tó bá fi ọwọ́ ka méjèèjì, 2/120 ni, torí páálí tó ń fún wa ní OLUMO ọ̀nà méjì ló ní. Tó bá fi ojú ka méjèèjì, 1/60 ni. Iye kan náà ni.

Àǹtí Atúmọ̀: Bàbá ẹ ṣé o, mo fẹ́ràn ìtò ọwọ́ àti ìtò ojú yẹn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ká kàn kọ́ àwọn ọmọ pé iye ìgbà tí lẹ́tà bá wá lẹ́ẹ̀kan sí i, iye yẹn ni kí wọ́n fi pín. O wá lẹ́ẹ̀mejì, fi 2 pín. Tó bá jẹ́ ALAKARA, A wá lẹ́ẹ̀mẹrin, fi 4 pín, ó tán.

Bàbá Tísà: Rárá o, àǹtí, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bà jẹ́! Pẹ̀lú ìbejì ó bọ́ sí i, àmọ́ kì í ṣe torí pé wọ́n jẹ́ 2, torí pé ọ̀nà tí ẹni méjì lè gbà pààrọ̀ àga jẹ́ 2 ni. Ẹ wo ìbẹta, ẹni mẹ́ta lórí àga mẹ́ta, ọ̀nà 6 ni, kì í ṣe 3. A mẹ́rin inú ALAKARA, 4 × 3 × 2 × 1 = 24 ni ọ̀nà tí wọ́n lè gbà pààrọ̀ ipò láàárín ara wọn kí ojú má mọ̀. Páálí méje jẹ́ 5040 ní ìtò ọwọ́. Ẹ fi 4 pín in, ẹ máa rí 1260, ẹ fi 24 pín in, 210 ni, èyí tó tọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wo 210 yẹn bí ibi tí A mẹ́rin máa jókòó sí nínú àga méje, ọ̀nà 35, kí L, K àti R wá pín àga mẹ́ta tó kù, ọ̀nà 6. 35 × 6, 210 náà ló ń bọ̀. Àyẹ̀wò tó dára ni, torí kò ní ìpín kankan nínú.

Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé: Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá sí i. Iṣẹ́ àtẹ̀wé ni mo kọ́ níbí, nígbà tí a ṣì ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé, ẹ sì mọ̀ pé Abẹ́òkúta wa yìí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, iṣẹ́ wa ti pẹ́ nílé. Nínú àpótí lẹ́tà, gbogbo o ihò kan náà ni wọ́n ń gbé, kò sí ẹni tó ń béèrè pé èwo nínú o wọ̀nyí ni mo mú. Ìtò ojú nìyẹn, ojú nìkan ni oníbàárà ní. Ṣùgbọ́n ihò ọ̀tọ̀ ni ọ ń gbé! Tẹ́ ẹ bá kọ Olúmọ bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, o kan ọ kan, kò sí ìbejì kankan níbẹ̀, 120 ni, 1/120 sì ni. Ọmọ yẹn gba ìbéèrè lédè wa ni.

Bàbá Tísà: Hàà, ọ̀rọ̀ yín wúwo o. Tí wọ́n bá kọ ọ́ ní Olúmọ pẹ̀lú àmì, mo fara mọ́ ọn, 120 ló tọ́. Àmọ́ lẹ́tà ńlá tí kò lámì ló wà lórí páálí ọmọ, ohun tó wà lórí páálí ni a ó kà, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn wa.

Aládìrẹ Ìtòkú: Ẹ má bínú o, mo ti dán an wò kí n tó padà wá síbí. Èmi àti ọmọ dà á pọ̀ ní ìgbà 60, a ò rí OLUMO lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo wá ní ṣé 1/60 yẹn tún jẹ́ irọ́ ni?

Bàbá Tísà: Ìyá wa, kì í ṣe irọ́. 1/60 ò ṣèlérí pé ìgbà 60 á mú ẹyọ kan wá. Nínú àwọn tó bá ṣe bí ẹ ti ṣe yẹn, ó ju ẹnì kan nínú mẹ́ta tí kò ní rí i rárá. OLUMO ṣòro láti fi mọ ìyàtọ̀ 1/60 àti 1/120, ẹ̀ẹ́ pò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Páálí mẹ́ta ti "ọmọ" ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ dà á pọ̀ ní ìgbà 60, tó bá jẹ́ 1/3 ẹ̀ẹ́ rí "ọmọ" ní nǹkan bí ìgbà 20, tó bá jẹ́ 1/6 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ọmọ yín ṣe máa sọ ọ́, nǹkan bí 10. Ìyàtọ̀ yẹn ò lè sá pamọ́.

Àǹtí Atúmọ̀: Ẹ jẹ́ ká padà sórí pròbábílítì. Ìṣeéṣe ni mo máa ń kọ.

Bàbá Tísà: Ìṣeéṣe nìkan ò tó, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tàbí kò lè ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò níye. "Ṣé ó ṣeé ṣe?" "Bẹ́ẹ̀ ni", ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwọ̀n ìṣeéṣe ni, kó lè gba 1/60.

Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé: Èmi ní ká pè é ní ìpín oríire.

Àǹtí Atúmọ̀: Oríire kẹ̀! Ṣé tí a bá fẹ́ sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò pa àdìrẹ tí wọ́n sá, oríire náà nìyẹn? Mo gba ìwọ̀n ìṣeéṣe, bó tilẹ̀ gùn lẹ́nu.

Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé: Ó dáa, mo ti jọ̀wọ́ ẹ̀, àmọ́ gbogbo ńkọ́? Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni mo ń wí. Nínú àpótí mi, g wà ní ihò tiẹ̀, b wà ní tiẹ̀, g-b-o-g-b-o, òjé mẹ́fà, 720 ní ìtò ọwọ́, ìbejì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, 2 × 2 × 2 ni mo fi pín in, 90 ni.

Àǹtí Atúmọ̀: Nínú ábídí wa lẹ́tà kan ni gb, bàbá àtẹ̀wé. Páálí mẹ́rin ni: gb, o, gb, o. 24 ní ọwọ́, 6 lójú, mo kọ gbogbo ẹ̀ síbí: gbgboo, gbogbo, gboogb, ogbgbo, ogbogb, oogbgb. 1/6 ni.

Aládìrẹ Ìtòkú: Èwo wá ni "gbgboo"? Kò sẹ́ni tó lè pe ìyẹn ní Yorùbá, ẹyọ kan péré nínú mẹ́fà yẹn ló dà bí ọ̀rọ̀, ṣé kì í ṣe 1/1 ni?

Bàbá Tísà: Ìyá wa, ìtò ni a ń kà, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Páálí ò mọ ohun tó ṣeé pè, tí wọ́n bá dojú délẹ̀, "gbgboo" ń jáde bí "gbogbo" ṣe ń jáde, ìwọ̀n kan náà ni. Àmọ́ láàárín 90 àti 6, èmi ò ní yẹ̀ yín wò, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ẹni tó gé páálí ló máa sọ bóyá ó gé g àti b lọ́tọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé: 90 ni o.

Aládìrẹ Ìtòkú: A ti da páálí "ọmọ" pọ̀ ní ìgbà 60, ìgbà 22 ló jáde. Ọmọ ti fọwọ́ ara ẹ̀ pa 1/120 rẹ́, ó kọ "ìtò ojú" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó wá ń bi mí pé tí wọ́n bá fún un ní alákàrà pẹ̀lú àmì lórí ẹ̀, ṣé a, á àti à jẹ́ lẹ́tà kan náà ni àbí mẹ́ta?

Bàbá Tísà: Tó bá ka àmì mọ́ lẹ́tà, à nìkan ló jẹ́ ìbejì, 5040 tí a pín sí méjì, 2520. Tí kò bá kà á, 210. Kó bi ẹni tó fún un níṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí Atúmọ̀: Àmì ohùn kì í ṣe ara lẹ́tà, bàbá.

Bọ̀ọ̀dá Atẹ̀wé: Ihò ọ̀tọ̀ ni á àti à ń gbé nínú àpótí mi.